Yàrá Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Ẹ̀yìn Kan Náà: Bí A Ṣe Ń Mú Fótò Àwọn Òṣìṣẹ́ Bára Mu

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ fótò. Iṣẹ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà rí, òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ilé iṣẹ́ kan á kó fótò àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nígbà tí wọ́n ń ya tirẹ̀, ẹlòmíràn wà lábẹ́ iná àjà, ẹnì kan sì dúró ti ògiri yàrá ìgbàlejò. Wọ́n á wá ní kí a gbé gbogbo wọn sórí ẹ̀yìn kan náà, èyí tó mọ́lẹ̀ láàárín tó ń ṣú díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní gírédíẹ́ǹtì. Wọ́n fẹ́ kó rí bíi pé ọjọ́ kan náà, níwájú kámẹ́rà kan náà, ni wọ́n ya gbogbo wọn.

Ọ̀nà tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé ká gé ènìyàn kúrò nínú yàrá rẹ̀, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn tuntun, ká sì tẹ̀síwájú sórí ẹni tó kàn. Ẹni tó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ á rí i pé nígbà tí gbogbo wọn bá tò sójú kan, wọn kò jọ ara wọn rárá. Kódà, ìyàtọ̀ àárín wọn á hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹni tó pọ́n lójú bíi òféèfèé ṣì wà nínú yàrá tí gílóòbù mú kó pọ́n, ojú wa máa ń fi ọ̀kan gbe èkejì: yàrá ló pọ́n, kò sí ohun tó burú. Tí a bá yọ yàrá náà kúrò, tí a fi àwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀, kò sí ohun tó máa gbe ojú náà mọ́. Ìpọ́n rẹ̀ á wá di àbùkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni òjìji tó wà ní apá ọ̀tún ojú ẹnì kan: fèrèsé tó fa òjìji náà ti lọ, òjìji ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà ni pé ẹ̀yìn ló ń kẹ́yìn. Ojú ènìyàn la ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, lẹ́yìn rẹ̀ ni etí irun àti aṣọ, ìgbà tí a bá sì ti mọ irú ìmọ́lẹ̀ àti irú etí tó wà lọ́wọ́ wa la ó tó yan gírédíẹ́ǹtì. Fótò tó burú jù nínú ìdìpọ̀ ló máa sọ irú ẹ̀yìn tí gbogbo wọn lè gbà. Bí oníbàárà bá ti yan àwọ̀ ẹ̀yìn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn àwọ̀ náà sílẹ̀ fún mi, kó fọwọ́ mú irú àwọ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a fi fótò mẹ́rin ṣe é. Àkọ́kọ́ ni ti akọ̀wé. Fèrèsé wà ní apá òsì àwòrán, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tutù, ó fẹ́ di búlúù, apá ọ̀tún ojú rẹ̀ sì ṣú. Ìkejì ni ti oníṣirò owó, tó jókòó lábẹ́ iná ọ̀pá gbọọrọ tó wà ní àjà. Ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé díẹ̀, kòtò ojú rẹ̀ méjèèjì sì dúdú nítorí òkè tààrà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ìkẹta ni ti awakọ̀, tó fara ti ògiri aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ gílóòbù. Gbogbo ara rẹ̀ pọ́n, àwọ̀ ògiri sì tún ti ta sí àgbọ̀n rẹ̀ àti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ìkẹrin ni ti ọ̀gá wọn, tí wọ́n fi fíláàṣì yà níwájú ògiri funfun. Iwájú orí rẹ̀ ń dán, ó sì wọ awò ojú.

Kí a tó fọwọ́ kan àwọ̀ kankan, a ó wọn orí. Mo máa ń wọn iye píksẹ́lì tó wà láti àgbọ̀n dé àtàrí nínú fótò kọ̀ọ̀kan. Ká ní ti awakọ̀ jẹ́ 700, tí ti àwọn yòókù sì ju 1,400 lọ. A jẹ́ pé 700 ni orí gbogbo wọn máa jẹ́ nínú iṣẹ́ àṣeparí, nítorí bí a bá na ti awakọ̀ dé 1,400, ìpéǹpéjú rẹ̀ á di kúrúkúrú nígbà tí ti àwọn yòókù mú bí abẹ. Ẹni tí fótò rẹ̀ kéré jù ló ń pinnu ìwọ̀n. Mo wá yan pátákó tó fẹ̀ ní 1,600, tó ga ní 2,000, mo sì fa ìlà kan sí 800 láti òkè. Orí ìlà yẹn ni ẹyinjú gbogbo wọn máa dúró lé. Ẹyinjú ni kí ẹ fi tò wọ́n, ẹ má fi àtàrí tò wọ́n, nítorí irun ẹnì kan lè ga ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po méjì.

Ó wá kan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sí jù. Gílóòbù onípọ́n sábà máa ń wà nítòsí 2,700 lórí òṣùwọ̀n Kẹ́lífìnì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan wà nítòsí 5,500, èyí tó bá gba fèrèsé wọlé láti ojú ọ̀run tí oòrùn kò ràn sí tààrà sì máa ń ju 6,500 lọ. Tí fótò bá jẹ́ raw, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣe àwọ̀ rẹ̀ parí, a lè sún `Temperature` àti `Tint` síwá-sẹ́yìn láìba nǹkan jẹ́. Tó bá jẹ́ JPEG, ààyè tí a ní kéré. Ti awakọ̀ tó pọ́n gan-an yẹn, nígbà tí a bá fi máa fa búlúù rẹ̀ sókè, hóró kéékèèké á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn níbi tó ṣókùnkùn, torí pé búlúù díẹ̀ ló wọ kámẹ́rà lábẹ́ gílóòbù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ibi tó yẹ ká dúró? Tí ẹni tó yà á bá ti fi káàdì eérú sínú àwòrán, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n wọn kì í sábà fi í síbẹ̀. A ó wá ẹlẹ́rìí míràn, a ó sì wá ju ẹyọ kan lọ. Kọ́là funfun jẹ́ ẹlẹ́rìí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ ní èròjà tó máa ń mú kí aṣọ funfun tàn bíi búlúù tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá bà á. Ẹyinjú funfun jẹ́ ẹlẹ́rìí, àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í funfun délẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá fọ̀ ọ́ títí tó fi funfun bíi bébà á sọ ojú náà di ojú ère. Irun ewú, bọ́tìnì funfun, irin ìdè aago, gbogbo wọn lè bá wa sọ̀rọ̀. Tí ẹlẹ́rìí méjì bá fẹnu kò sí ibì kan, mo máa ń gbà wọ́n gbọ́.

Lára awakọ̀ wa, kọ́là tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kò ṣeé fi jẹ́rìí, nítorí ìyeyè ògiri ti kùn ún. Àyà ṣẹ́ẹ̀tì tó kọjú sí kámẹ́rà la ó wò. Kí a tó ṣe nǹkan kan, ó lè ka 228 ní pupa, 196 ní ewé, 141 ní búlúù, lórí òǹkà tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 tó jẹ́ dúdú kíjikíji dé 255 tó jẹ́ funfun pátápátá. A ó sún un títí òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi sún mọ́ra, bíi 212, 211, 208. Mi ò ní kí wọ́n dọ́gba láìku ẹyọ kan. Ìpọ́n kékeré tó ṣẹ́ kù yẹn dára lára ènìyàn. Ti oníṣirò owó, `Tint` ni a ó sún kúrò ní ewé sí ọ̀nà àwọ̀ àlùkò, nítorí iná ọ̀pá kì í pọ́n tàbí tutù nìkan, ó tún máa ń ní ewé nínú. `Temperature` nìkan kò lè gbà á sílẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ tẹnu-mọ́-tẹnu. Ẹ má ṣe fi awọ ara ẹnì kan ṣe òṣùwọ̀n fún ti ẹlòmíràn. Àwọn kan á yan fótò tó wù wọ́n, wọ́n á ka òǹkà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo àwọn yòókù dé ibẹ̀. Ohun tí ìyẹn ń ṣe ni pé ó ń bó ẹni tó dúdú, ó sì ń kun ẹni tó pupa. Àwọ̀ ara ènìyàn kì í ṣe àṣìṣe tí wọ́n gbé wá fún wa láti tún ṣe. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sí ara rẹ̀ ni ká mú dọ́gba: àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà, agbára rẹ̀, àti bí òjìji rẹ̀ ṣe jìn tó. Agbára ìmọ́lẹ̀ yẹn, orí aṣọ funfun la ti ń kà á. Tí ṣẹ́ẹ̀tì funfun akọ̀wé bá ka nǹkan bíi 210, tí ti ọ̀gá sì ka 245, ìmọ́lẹ̀ tó bá ọ̀gá pọ̀ jù, a ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibi tí awọ ara kálukú bá bọ́ sí, ibẹ̀ ló yẹ kó wà.

Òjìji ló kàn. Ẹ sún mọ́ ẹyinjú dáadáa, ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ tí ń dán wà nínú dúdú ojú. Ó máa ń sọ òtítọ́ nípa ibi tí iná wà. Ti akọ̀wé wà lápá òsì, ó ga díẹ̀, ó sì rí gọgọrọ bíi fèrèsé. Ti ọ̀gá jẹ́ tóótó kékeré ní àárín gbùngbùn. Ti oníṣirò owó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, torí ìpéǹpéjú òkè ti bò ó. Ẹ̀yin náà rí i pé iná mẹ́rin yìí kò gba ọ̀nà kan náà wá, a kò sì lè mú kí wọ́n gba ọ̀nà kan náà wá. Ohun tó wà níkàáwọ́ wa ni pé ká rọ àwọn tó le, títí gbogbo wọn á fi sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ rírọ̀ tó ń bọ̀ láti iwájú. Mi kì í fa àwọn yòókù lọ sọ́dọ̀ fótò tó rẹwà jù. Ọ̀dọ̀ èyí tó wà láàárín ni mo máa ń fà wọ́n lọ, kí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa rìn lè kúrú.

Ẹlòmíràn á ní kí a kàn yí fótò padà, kí òsì di ọ̀tún, kí òjìji gbogbo wọn lè wà lápá kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì á bọ́ sódì, ọ̀nà tí a ya irun sí á yí padà, káàdì ìdánimọ̀ àyà á di ohun tí kò ṣeé kà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú ènìyàn kò dọ́gba ní apá méjèèjì. Àwọn tó ń bá onítọ̀hún ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ á wò ó, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan kan yàtọ̀ láìmọ ohun tó jẹ́.

Fún akọ̀wé, ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ka 180, tí ti ọ̀tún ka 60. Mo máa ń fi ìpele `Curves` kan sórí rẹ̀, kí ó so mọ́ òun nìkan, kí máàsìkì rẹ̀ sì dúdú pátápátá. Lẹ́yìn náà ni màá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ṣí apá ọ̀tún náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé nǹkan bíi 95 tàbí 100. Ibẹ̀ ni màá dúró. Tí a bá gbé e dé 180, ojú á di pẹlẹbẹ, imú á sọ gíga rẹ̀ nù, hóró á sì yọ lára òjìji tí a fa sókè. Fún oníṣirò owó, kòtò ojú, abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n ni a ó là, a ó sì rẹ iwájú orí àti orí imú sílẹ̀ díẹ̀, torí ibi tí iná àjà ti pọ̀ jù nìyẹn. Bí a bá ṣe apá kan láìṣe èkejì, ó máa ń dà bíi pé onítọ̀hún kùn lẹ́búlẹ́bú sábẹ́ ojú.

Iwájú orí ọ̀gá ni kò gbọ́ oògùn. Níbi tí òǹkà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jẹ́ 255, kò sí awọ kankan mọ́ nínú fáìlì náà. Tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, eérú ló máa dà. Tó bá kéré bíi orí ìka, a lè mú àwọ̀ awọ tó yí i ká, ká fi tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ká jẹ́ kí díẹ̀ nínú dídán rẹ̀ ṣẹ́ kù. Tó bá gba ìdajì iwájú orí, kí wọ́n tún fótò náà yà.

Ó ku etí. Etí kì í ṣe irú kan, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo wọn, irun orí ló máa tú u fó. `Select Subject` inú Photoshop á gbé ènìyàn jáde ní ìṣẹ́jú àáyá, ó sì wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ọ̀bẹ kan náà ló fi ń gé aṣọ, awọ àti irun. Aṣọ fẹ́ etí tó mú. Mo máa ń fa máàsìkì wọlé ní píksẹ́lì kan kí ògiri tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ lè lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ etí tó rọ̀ díẹ̀. Èjìká sábà máa ń wà lẹ́yìn ibi tí kámẹ́rà ti ríran kedere jù, nítorí náà ó yẹ kí etí rẹ̀ rọ̀ ju ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ. Kí ẹ fi ojú wo bí ìlà ojú aṣọ ṣe ti di kúrúkúrú tó ní èjìká, kí ẹ sì fọ́ etí máàsìkì dé ìwọ̀n yẹn. Èjìká tó di kúrúkúrú nínú, tó sì mú bí abẹ ní etí, ló ń jẹ́ kí ènìyàn dà bíi bébà tí a gé lẹ̀ mọ́ ògiri.

Irun gba ọ̀nà míràn. Nínú `Select and Mask`, búrọ́ọ̀ṣì etí ni a ó fi tọ ìlà ibi tí irun ti pàdé ògiri, a kò ní wọ inú orí. Irun tó dì, tó rí kókó-kókó, kò ní okùn gígùn tó ń fò, ṣùgbọ́n ó ní ihò kéékèèké tí ògiri àtijọ́ ń gbà yọjú. Bí a bá fi máàsìkì dí ihò wọ̀nyẹn, orí á rí bíi fìlà. Irun tó tú sílẹ̀ ló ní okùn tó ń fò, okùn tó sì tín-ín-rín ju píksẹ́lì kan lọ ti dàpọ̀ mọ́ àwọ̀ ògiri nínú fótò gan-an. Kò sí máàsìkì tó lè yà wọ́n. Mo máa ń jẹ́ kí irú okùn bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ pé orí á wá mọ́ jù, mo lè fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa okùn mélòó kan padà ní àwọ̀ irun onítọ̀hún.

Àwọ̀ ògiri tó kù létí ni ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù. Lára ọ̀gá tó dúró níwájú ògiri funfun, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á yí irun rẹ̀ ká. `Decontaminate Colors` lè mú púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ń yí àwọ̀ píksẹ́lì fúnra rẹ̀ padà, ẹ jẹ́ kó gbé èsì rẹ̀ sórí ìpele tuntun. Ìyókù, mo máa ń ṣí ìpele òfìfo tó so mọ́ ènìyàn náà, màá sọ ọ́ di `Multiply`, màá mú àwọ̀ inú irun rẹ̀, màá sì fi agbára kékeré kun etí náà títí funfun yẹn á fi sùn. Fún awakọ̀, ìyeyè tó wà ní àgbọ̀n kì í ṣe ògiri tó kù, ìmọ́lẹ̀ tó ta bọ̀ láti ara ògiri ni. Ìpele tó jẹ́ `Color` la ó lò níbẹ̀, a ó mú àwọ̀ awọ láti apá kejì àgbọ̀n, a ó fi kun ibi tó yí padà. `Color` kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, nítorí náà ihò awọ àti irùngbọ̀n rẹ̀ á wà bí wọ́n ṣe wà.

Awò ojú ọ̀gá ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ dígí náà, níbi tó ti yọ kọjá ìlà ojú. Ògiri funfun àtijọ́ ṣì wà nínú dígí yẹn, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ni mo ti rí tí ibi kékeré yìí tú àṣírí rẹ̀. A kò lè gé dígí náà kúrò pátápátá, torí ìdán rẹ̀ jẹ́ ara rẹ̀. Máàsìkì ibẹ̀ la ó sọ di aláàbọ̀, kí ẹ̀yìn tuntun lè gba inú rẹ̀ hàn, kí ìdán díẹ̀ sì kù. Bákan náà ni àárín apá àti ìhà, àti inú òrùka yẹtí.

Láti mọ̀ bóyá etí dára, mo máa ń fi àwọ̀ dúdú kíjikíji sí ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀, kí etí funfun lè yọ. Lẹ́yìn náà màá fi funfun, kí etí tó ṣú lè yọ. Ibi tí mò ń lọ nìyí: etí irun ọ̀gá ń pariwo lórí dúdú, ó sì dákẹ́ lórí funfun. Etí akọ̀wé, tí ẹ̀yìn yàrá rẹ̀ ṣókùnkùn, ń pariwo lórí funfun, ó sì dákẹ́ lórí dúdú. Níbo ni àwọn méjèèjì ti máa dákẹ́? Láàárín. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn sílẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí fótò bá ti inú ògiri funfun àti inú òkùnkùn wá pọ̀, eérú àárín ló lè gba gbogbo wọn mọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yìn orí ni mo fi sí nǹkan bíi 150, igun pátákó sí nǹkan bíi 70, pẹ̀lú búlúù díẹ̀ nínú eérú náà tí oníbàárà bá fẹ́. Ní 150, irun dúdú hàn kedere, irun ewú náà sì hàn. Àárín gírédíẹ́ǹtì ni mo gbé sí 800 láti òsì, 900 láti òkè, ìyẹn sísàlẹ̀ ẹyinjú díẹ̀, kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lè wà lẹ́yìn ojú. Ó sì dọ́gba lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ pé gbogbo iná ti apá òsì wá ni, ǹ bá sún ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn sí apá ọ̀tún, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ṣú lè yọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ní, ẹ̀yìn tó bá sì sọ pé òsì ni iná wà á purọ́ mọ́ ẹni mẹ́ta nínú mẹ́rin. Òjìji ara lórí ẹ̀yìn kò pọn dandan: fótò orí àti èjìká kò fi ilẹ̀ hàn, a kàn ń sọ pé ògiri jìnnà sẹ́yìn ni.

Láti 150 dé 70, ìgbésẹ̀ 80 péré ló wà nínú fáìlì oníbíìtì 8. Láti àárín yẹn dé igun ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi píksẹ́lì 1,360. Ìyẹn ni pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó píksẹ́lì 17, ojú á sì rí wọn bí òrùka tó yí ara wọn ká lẹ́yìn orí. Ẹ ṣe iṣẹ́ náà ní bíìtì 16, ẹ fi àmì sí `Dither` nígbà tí ẹ bá ń fa gírédíẹ́ǹtì, kí ẹ sì fi `Add Noise` wọ́n hóró sí i ní nǹkan bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, pẹ̀lú `Monochromatic`, kí hóró má bàa ní àwọ̀ pupa àti ewé. Hóró yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń tú òrùka ká, ó sì ń mú kí ẹ̀yìn bá ara ènìyàn mu, nítorí kò sí fótò gidi tí kò ní hóró. Fún awakọ̀ tí hóró rẹ̀ pọ̀, ẹ yọ díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ dípò kí ẹ fi kún ti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo wọn.

Kó lè jẹ́ ọ̀kan náà lóòótọ́, mo máa ń tọ́jú gírédíẹ́ǹtì sínú fáìlì tirẹ̀, màá sì fi `Place Linked` pè é wọ inú fáìlì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí oníbàárà bá ní kí búlúù rẹ̀ dín kù, fáìlì kan ni màá tún ṣe, gbogbo wọn á sì yí padà. Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ á bá ẹ̀yìn kan náà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tò gbogbo wọn sójú kan ní kékeré, bíi ìwọ̀n òǹtẹ̀, kí ẹ sì yọ àwọ̀ kúrò kó di dúdú àti funfun. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ojú yín bá kọ́kọ́ fò sára ẹnì kan, kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀, bí kò ṣe pé ìmọ́lẹ̀ tàbí òjìji rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu. Ẹ padà sí tirẹ̀. Ẹ dá àwọ̀ padà, kí ẹ tún wò ó: ẹni tó bá fò síni lójú báyìí, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń rí ohun tí sísún mọ́ fótò ní ìlọ́po mẹ́ta kì í jẹ́ ká rí.

Fótò kan tàbí méjì lè má gbọ́. Òjìji tó mú bí abẹ láti ara imú kọjá ètè, iwájú orí tó ti funfun tán, tàbí imú tó tóbi nítorí pé fóònù sún mọ́ ojú jù: kò sí máàsìkì tàbí `Curves` tó lè tún ìwọ̀nyí ṣe. Ẹ sọ ọ́ fún oníbàárà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ bá rí i. Ohun tí màá ní kí onítọ̀hún ṣe kò pọ̀. Kó kọjú sí fèrèsé tí oòrùn kò wọlé tààrà, kó pa iná àjà, kó dúró ní bíi mítà méjì sí ògiri kí àwọ̀ ògiri má bàa ta sí i lára. Kí ẹni tó ń yà á dúró ní mítà kan àbọ̀ ó kéré tán, kó gbé kámẹ́rà sí ọ̀gangan ojú rẹ̀, kó má lo fíláàṣì. Kí wọ́n ya ọ̀kan tó di bébà funfun mú sábẹ́ àgbọ̀n, kí wọ́n gbé bébà náà kúrò láìyí ibi tí ó dúró padà, kí wọ́n sì ya ìyókù. Kí wọ́n fi fáìlì ránṣẹ́ bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde, kí wọ́n má fi í gba ibi tó máa ń fún fótò pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.